Ẹni mẹ́rin wà nínú fọ́tò, ẹyọ kan ló hàn dáadáa lára ife

Oníbàárà kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń tẹ àwòrán sára ife àti aṣọ. Ọmọ ìyá mẹ́rin ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú fọ́tò náà, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ife funfun kan àti tíṣáàtì funfun kan. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ṣe àwòrán àfihàn, ìyẹn èyí tí oníbàárà máa ń wò kó tó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Nínú àfihàn yìí, ìdìmú ife wà lápá ọ̀tún, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn gedegbe láàárín ojú ife. Oníbàárà ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Nígbà tí ife dé ọwọ́ rẹ̀, ó kọ̀wé padà: "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó kù dà? Bí mo bá di ife mú, àbúrò wa tó kéré jù nìkan ni mò ń rí dáadáa. Ojú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fún, n kò sì rí àwọn méjì tó kù rárá, àfi tí mo bá yí ife padà."

Kò sí àléébù lára títẹ̀ náà. Àwọ̀ rẹ̀ dára, kò sì sí ibi tó fà tàbí tó hó. Inú àfihàn ni àṣìṣe wà. Ẹni tó ṣe é kàn sún fọ́tò náà kéré títí tó fi wọ ojú ife, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì fi òjìji sí i. Ẹni tó tẹ ife ní tirẹ̀ na fọ́tò náà dé etí ìwé ìtẹ̀ méjèèjì. Fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò, ohun tí fáìlì kan ṣèlérí kọ́ ni èkejì ṣe.

Ohun tí téèpù sọ

Wọ́n wọn ife náà. Ìbú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.2, gíga rẹ̀ jẹ́ 9.5. Téèpù tí wọ́n fi yí i ká jẹ́ 25.8. Ìwé tí wọ́n fi ooru tẹ àwòrán láti orí rẹ̀ fẹ̀ ní 20, torí pé ìwé kò lè gba orí ìdìmú kọjá. Nítorí náà àlàfo 5.8 ló ṣẹ́ kù níbi ìdìmú, 2.9 lọ́tùn-ún rẹ̀, 2.9 lósì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn. Ojú ènìyàn kì í rí ju ìdajì ife lọ lẹ́ẹ̀kan, ìdajì 25.8 sì jẹ́ 12.9. Bí ìdìmú bá wà lápá ọ̀tún gan-an, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìdìmú lọ sí òsì, 2.9 àkọ́kọ́ kò ní àwòrán kankan. Láti 2.9 dé 12.9 ni àwòrán ti hàn, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 10 péré nínú 20. Ìdajì ọ̀tún ìwé nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín ìwé gan-an, níbi tí gbogbo ènìyàn máa ń fẹ́ gbé ojú ẹni pàtàkì sí, bọ́ sí etí òsì ife, níbi tí ife ti ń yí lọ sẹ́yìn.

Ẹni mẹ́rin lórí 20 túmọ̀ sí pé 5 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún pátápátá bọ́ sí àárín ojú ife, ó sì hàn dáadáa. Àárín ojú ẹnìkejì bọ́ sí nǹkan bíi 4 láti àárín ojú ife. Níbẹ̀, ara ife ti yí kúrò lójú wa tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fi ń dà bí ohun tó fẹ̀ ní 0.56. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi sọ pé ojú rẹ̀ fún. Àwọn méjì yòókù wà lẹ́yìn pátápátá. Ohun tí oníbàárà kọ bá ìṣirò mu láìyẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún di ife mú ni ojú rẹ̀ bá ohun tí kámẹ́rà àfihàn rí mu.

Kámẹ́rà tó sún mọ́ ife kì í tilẹ̀ rí ìdajì tán. Bí ó bá jìnnà ní 40 sẹ̀ǹtímítà sí àárín ife yìí, nǹkan bíi 12 ló máa rí nínú 12.9.

Bí wọ́n ṣe tún un gbé sí i

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n yí padà ni fáìlì. Wọ́n ṣe ojú ìwé kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 2362, tó sì ga ní 1063, ìyẹn 20 lọ́nà 9 sẹ̀ǹtímítà ní píksẹ́lì 300 fún ínṣì kan. Fáìlì yìí náà ni wọ́n á tẹ̀, òun náà ni wọ́n gbé wọ inú àfihàn gẹ́gẹ́ bí `Smart Object` nínú Photoshop. Bí wọ́n bá sún fọ́tò lórí ìwé, ó máa sún lára ife inú àfihàn. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún ní àǹfààní láti gbé fọ́tò oníbàárà sára ife tààrà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wá ibi tí fọ́tò máa wà. Àárín ojú ife tí ìdìmú rẹ̀ wà lọ́tùn-ún jẹ́ 6.4 láti ìdìmú. Ẹ yọ 2.9 àlàfo kúrò, ó ku 3.5 láti etí ọ̀tún ìwé. Èyí fi hàn pé fọ́tò tó bá máa wà láàárín gbọ̀ngbọ̀n kò lè fẹ̀ ju 7 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa yọ kúrò lórí ìwé lápá ìdìmú. Ní 7, etí fọ́tò méjèèjì máa fún díẹ̀, àmọ́ ojú gbogbo wọn máa hàn. Wọ́n gé òfuurufú àti ilẹ̀ kúrò nínú fọ́tò kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lè tóbi, wọ́n sì tẹ ẹ̀dà kan sí apá ọ̀tún ìwé, ẹ̀dà kejì sí apá òsì, kí ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì mu tíì náà lè rí wọn.

Bí àwòrán ṣe máa tẹ̀ bá ara ife mu ló wá kàn. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ:

```
θ = s / r
x = r · sin(θ)
y = b · cos(θ)
```

`s` ni bí ibì kan ṣe jìnnà sí àárín tí a bá fi téèpù wọ̀n ọ́n lára ife. `r` ni ìdajì ìbú ife, 4.1 nínú ọ̀rọ̀ yìí. `θ` ni igun rẹ̀ ní rédíánì. `x` ni ibi tí ojú ti máa rí i, `y` sì ni bó ṣe máa lọ sísàlẹ̀ tó. Etí fọ́tò tó wà ní 3.5 lára ife máa hàn ní 3.09, èyí tó wà ní 2 máa hàn ní 1.92, èyí tó wà ní 1 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Ẹ rí i pé àárín kò yí padà, etí ló ń fún. Ẹni tó bá kàn fún gbogbo fọ́tò náà bákan náà, ojú ẹni tó wà láàárín á tẹ́ẹ́rẹ́ láìnídìí, ti ẹni etí á sì fẹ̀ jù, ojú á sì mọ̀ kíá pé bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ife.

`b` ló fa wàhálà tó kù. Kámẹ́rà tó ń wo ife láti òkè díẹ̀ máa rí ẹnu ife bí òbìrìkìtì tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ. `b` ni ìdajì gíga òbìrìkìtì pẹlẹbẹ yẹn. Nínú fọ́tò ife òfìfo tí ilé iṣẹ́ náà ń lò, ẹnu ife fẹ̀ ní píksẹ́lì 820, ó ga ní 180, nítorí náà `b` jẹ́ 90. Àmọ́ ìdí ife jìnnà sí kámẹ́rà lọ sí ìsàlẹ̀, kámẹ́rà sì ń wò ó láti òkè ju bó ṣe ń wo ẹnu lọ. Òbìrìkìtì ìdí fẹ̀ ní 775, ó ga ní 300. `b` tibẹ̀ jẹ́ 150. Ìlà ìsàlẹ̀ àwòrán gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ìlà òkè lọ.

Ayàwòrán tó ṣe àfihàn àkọ́kọ́ ti lo `Arc` nínú `Edit > Transform > Warp`. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, `Bend`, ló ń darí gbogbo ìtẹ̀ ibẹ̀, kò sì mọ ẹnu ife yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ohun tó ń jáde wá ni àwòrán tí òkè rẹ̀ bá ẹnu ife mu, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ yọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé òjìji ni kò tó, wọ́n á máa kó òjìji lé e, kò sì ní yí padà, torí pé ibi tó ń dun ojú kì í ṣe ibẹ̀.

Wọ́n fi `Custom` rọ́pò rẹ̀. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ ẹnu ife, ó parí sí 7. Bí `b` ṣe ń lọ láti 90 dé 150 láàárín 9.5, yóò jẹ́ nǹkan bíi 103 níbi ìlà òkè fọ́tò, àti 134 níbi ìlà ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dé etí fọ́tò, àárín ìlà òkè gbọ́dọ̀ wà ní píksẹ́lì 35 sísàlẹ̀ ju igun rẹ̀ méjèèjì lọ, àárín ìlà ìsàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní 46 sísàlẹ̀ ju igun tirẹ̀. Píksẹ́lì 11 ni ìyàtọ̀ náà. Kò dà bí nǹkan kan lórí bébà, àmọ́ ojú ènìyàn ń rí i.

Kí wọ́n má baà máa ṣe ìṣirò yìí lójoojúmọ́, wọ́n fa ìlà onígun mẹ́rin sórí bébà kan, sẹ̀ǹtímítà kan sí ara wọn, wọ́n wé e mọ́ ife gidi, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n sì ya á láti ibi kan náà tí wọ́n ti ya ife òfìfo. Fọ́tò onílà yìí di òṣùwọ̀n. Wọ́n gbé e sísàlẹ̀ nínú fáìlì àfihàn, wọ́n fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí orí ojú ìwé, wọ́n sì ń fa `Warp` títí ìlà tòkè fi bo ìlà tìsàlẹ̀. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé ìdìmú ife inú fọ́tò wọn kò tilẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ gan-an, wọ́n ti yí i síwájú díẹ̀ kó lè hàn. Ìlà orí bébà sọ iye tó jẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń méfò.

Òjìji ife kò gba àkókò. Wọ́n fi àwòrán sí `Multiply` lórí ife funfun, èyí sì bá iṣẹ́ ọwọ́ mu, torí pé yíǹkì tí ooru ń gbé wọ ara ife kò ní funfun nínú: ibi tó bá funfun nínú fọ́tò, funfun ife ló máa hàn níbẹ̀. Wọ́n gé ìlà dídán tó wà lára ife sí ìpele ọ̀tọ̀, wọ́n gbé e borí àwòrán pẹ̀lú `Screen`. Ìlà náà gba orí irun ẹnì kan kọjá. Wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dára, torí pé ife tó ń dán kì í yan ibi tó máa dán sí.

Tíṣáàtì, tó le jù

Ẹ̀kọ́ ife kò tó fún aṣọ, torí pé aṣọ kò ní ìṣirò kan tó máa bo gbogbo rẹ̀. Fọ́tò tíṣáàtì tí wọ́n ní jẹ́ ti ẹni tó wọ̀ ọ́, tó yí ara díẹ̀, ìṣẹ́po aṣọ sì ń ti èjìká òsì bọ̀ wá sí ìbàdí ọ̀tún. Wọ́n lo `Filter > Distort > Displace`. Ohun tí irinṣẹ́ yìí ń ṣe ni pé ó ń wo àwòrán kejì, tí wọ́n tọ́jú bíi PSD, ó sì ń ti píksẹ́lì fọ́tò gẹ́gẹ́ bí àwòrán náà ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn sí. Àwọ̀ eérú tó wà ní 128 kì í ti nǹkan kan. Ohun tó ṣókùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ń tì í sí apá kan, ohun tó mọ́lẹ̀ jù ń tì í sí òdìkejì. Bí `Horizontal Scale` bá jẹ́ 10, títì náà kò lè ju nǹkan bíi píksẹ́lì 13 lọ.

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ lórí aṣọ yìí, wọn kò sì bàjẹ́ pọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, etí ètè àti ìpéǹpéjú àwọn ènìyàn inú fọ́tò dà bí eyín ayùn. Wọ́n ti fi fọ́tò aṣọ ṣe àwòrán títì náà bó ṣe rí, nítorí náà híhun aṣọ wọ inú rẹ̀, gbogbo fọ́nrán òwú sì ń ti píksẹ́lì tirẹ̀. `Gaussian Blur` tó jẹ́ 6 ló tún un ṣe. Bí ó bá kọjá 15 lórí fọ́tò wọn, ìṣẹ́po kéékèèké ń parẹ́, aṣọ sì ń dà bí rọ́bà. Ohun tó yẹ kí ó kù nínú àwòrán títì ni ìṣẹ́po, kí híhun ti lọ.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo fọ́tò náà ṣì sún kúrò ní àárín àyà. Wọ́n fà á padà, ó tún sún nígbà tí wọ́n lo irinṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó fà á ni pé aṣọ funfun ni. Àwọ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò wà ní nǹkan bíi 210, ó jìnnà sí 128, nítorí náà kódà ibi tí aṣọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ ń ti fọ́tò ní píksẹ́lì 8. Wọ́n ṣe ẹ̀dà aṣọ náà láìsí àwọ̀, wọ́n lo `Filter > Other > High Pass` ní 50, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lo `Gaussian Blur`. `High Pass` ń dá ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ padà sí àwọ̀ eérú àárín, ó sì ń fi ìṣẹ́po nìkan sílẹ̀. Ó tún yọ ìmọ́lẹ̀ tó ń rọra dínkù láti èjìká dé ìbàdí kúrò, torí pé ìyẹn kò yẹ kó ti nǹkan kan. Bí ìṣẹ́po bá ń lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí fọ́tò sún sí: 8 ni wọ́n fi sí `Horizontal Scale`, 3 sí `Vertical Scale`.

Ìkẹta ló gba àkókò wọn jù. Ìṣẹ́po jíjìn kan gba ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá náà kọjá, ojú rẹ̀ sì wọ́ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ọwọ́ nù. Wọ́n dín títì kù, ojú náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ tó ṣẹ́po. Wọ́n fi kún un, ó tún wọ́. `Displace` kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí pé mímọ́lẹ̀ àti ṣíṣókùnkùn nìkan ló ń kà, kò mọ ohun tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Níbi tí aṣọ bá ti ṣẹ́ po lé ara rẹ̀, apá kan àwòrán gbọ́dọ̀ pòórá sábẹ́ ìṣẹ́po. Kò gbọ́dọ̀ fún, kò gbọ́dọ̀ wọ́, ó gbọ́dọ̀ farasin ni.

Wọ́n gé fọ́tò náà sí méjì lójú ìlà ìṣẹ́po. Wọ́n sún apá ọ̀tún wọlé tó bí aṣọ tó farasin ṣe fẹ̀ tó, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lójú aṣọ gidi, wọ́n sì fi bòjú dí ohun tó yẹ kó wà lábẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan wá gba `Displace` tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó dà bí aṣọ gidi lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ oníbàárà wo ó, ó ní: "Ó jọ aṣọ gan-an o, ṣùgbọ́n imú àbúrò mi dà?"

Ó sì tọ̀nà. Òótọ́ ni pé aṣọ tó ṣẹ́po báyẹn máa gbé imú mì, àmọ́ àfihàn ni èyí, oníbàárà fẹ́ mọ bí aṣọ òun ṣe máa rí. Wọ́n fi fọ́tò aṣọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìṣẹ́po rẹ̀ wà lábẹ́ apá àti níbi ìbàdí, tí àyà rẹ̀ sì ní rírún fẹ́ẹ́rẹ́ tí `Displace` lè mú. Wákàtí tí wọ́n ti lò lórí ìṣẹ́po jíjìn kò wúlò fún oníbàárà yìí, ó wúlò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àwòrán ìpolówó tí kò sí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ó ku àwọ̀ ara. Pẹ̀lú `Multiply` lásán, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú ju bí wọ́n ṣe rí lọ, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n dúró sábẹ́ òjìji. Funfun aṣọ tó wà ní 210 ń gba nǹkan bíi ìdá márùn-ún ìmọ́lẹ̀ kúrò lára gbogbo nǹkan tó bá wà lórí rẹ̀. Wọ́n wá yí i padà: fọ́tò wà lórí aṣọ ní `Normal`, ẹ̀dà aṣọ tí kò ní àwọ̀ wà lórí fọ́tò ní `Multiply`, wọ́n sì fa funfun inú `Levels` ẹ̀dà náà wá sí 210. Ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ di funfun pátápátá, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ fọ́tò. Ìṣẹ́po nìkan ló ń ṣókùnkùn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ti tó ni pé wọ́n fi irinṣẹ́ `Eyedropper` wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnì kan lórí ibi pẹrẹsẹ, wọ́n sì fi wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà nínú fọ́tò tí oníbàárà fi ránṣẹ́.

Ife kejì lọ pẹ̀lú àfihàn mẹ́ta: ìdìmú lọ́tùn-ún, ìdìmú lósì, àti ọwọ́ iwájú níbi tí ìdìmú kò ti hàn. Láti inú ojú ìwé kan náà ni wọ́n ti mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníbàárà rí i pé ọwọ́ iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀. Nínú àfihàn àkọ́kọ́, kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé ibẹ̀ wà rárá.

Ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe rí lára ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Nínú ìṣirò òkè yìí, `r` kò yí padà láti ẹnu dé ìdí. Lára ife tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, `r` ń yí padà ní gbogbo gíga rẹ̀, ìwé tó máa wé e mọ́ra kì í sì í ṣe onígun mẹ́rin gígùn mọ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ kó tó lè jókòó. Bébà onílà ṣì máa ń sọ òtítọ́ níbẹ̀, bí wọ́n bá ti gé e bá ara ife náà mu kí wọ́n tó fa ìlà sí i.